Ọmọbìnrin tó ní orúkọ ìkọ̀kọ̀ lórí ayélujára: ẹ bá mi wo ìtàn kékeré yìí

Kálámù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo kọ ìtàn kékeré kan nípa ọmọbìnrin tó dé ìlú òyìnbó, tó yan orúkọ ìkọ̀kọ̀ kan lórí ayélujára, tí orúkọ náà sì tú àṣírí ilé wọn. Ohun méjì ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ gbà pé ọmọ ọdún 13 lè máa jẹ́ irú orúkọ yìí kó má mọ ohun tó ń wí? Ṣé ìyá sì lè fi irú nǹkan báyìí pa mọ́ fún ọmọ rẹ̀? Ìtàn náà nìyí.

*Oyíndàmọ́lá ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìrìnnà. Ní Mánṣẹ́sítà, olùkọ́ tó ń pe orúkọ láràárọ̀ a dúró díẹ̀ tó bá kàn án, bí ẹni tó dé etí odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Kí oṣù méjì tó pé, gbogbo kíláàsì ti ń pè é ní Dámì. Ìyẹn kò dùn ún púpọ̀. Ohun tó dùn ún ni ìgbà tí ìyá rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dámì nínú ilé.*

*Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ tẹ̀ lé e nígbà òtútù ọdún yẹn kan náà, ó pé ọmọ ọdún 10. Ìgbó-Ọrà ló ti wá, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní orúkọ kan tó fi ń pè é, tí ẹlòmíràn kò mọ̀. "Ìdòwú ẹ̀yìn wọn," a wí, a sì fọwọ́ pa á lórí. "Tí màmá rẹ bá wà nílé, Oyíndàmọ́lá ni ọ́ o. Má jẹ́ kó gbọ́." Ọmọ náà rò pé eré àárín àwọn méjèèjì ni.*

*Lọ́jọ́ tó pé ọdún 13, ó forúkọ sílẹ̀ lójú òpó kan tí àwọn tó ń yàwòrán ti ń fi iṣẹ́ wọn han ara wọn. Ojú òpó bi í ní orúkọ. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ Ìdòwú pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, àpótí náà kọ̀ ọ́. Ó yọ àmì kúrò, wọ́n ní ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ. Ó fi ìyókù rẹ̀ kún un bí ìyá àgbà ṣe ń pè é, ó di `idowu_eyin`. Wọ́n gbà á. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ ilé.*

*Àwòrán àkọ́kọ́ tó gbé síbẹ̀ ni ti pẹpẹ tó wà nínú yàrá ìyá àgbà. Ọmọláńgidi onírọ́bà méjì ló wà lórí pẹpẹ náà, aṣọ àdìrẹ kan náà ni wọ́n wọ̀, àwo kékeré kan sì wà níwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀wà nínú rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tó gbé ọ̀kan sílẹ̀ láti fi ṣeré. Ìyá àgbà tí kì í nà án gbá a lọ́wọ́, ó gba ọmọláńgidi náà, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọláńgidi ló ń bẹ̀, kì í ṣe ọmọ.*

*Obìnrin kan kọ̀wé sí i: "Àwòrán yìí rẹwà. Ṣùgbọ́n eyin wo lo ní lọ́kàn? Ṣé eyín ẹnu ni, àbí ẹyin adìyẹ?"*

*Ó fèsì pé ẹ̀yìn ni. Ìdòwú ẹ̀yìn wọn.*

*"Ẹ̀yìn àwọn ta? Táyé àti Kẹ́hìndé rẹ dà?"*

*"Èmi nìkan ni màmá mi bí."*

*Ìdáhùn kan wọlé, obìnrin náà pa á rẹ́. Òmíràn wọlé, ó tún pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dúró: "Má bínú, ọmọ mi. Bi màmá rẹ."*

*Ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọmọ ti se ẹ̀wà. Kò lè bèèrè, ó kàn na fóònù sí i. Ìyá rẹ̀ ka orúkọ náà, kó tó wo àwòrán. Ó jókòó láìbọ́ kóòtù. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, ó wo ọmọláńgidi kan, ó sún un, ó wo èkejì.*

*"Ta ló kọ́ ọ lórúkọ yìí?"*

*"Ìyá àgbà ni."*

*"Èyí tó wà lápá òsì ló kọ́kọ́ dé," ìyá rẹ̀ wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò. Wọ́n kú." Ó dìde, ó mú àwo. Ó bu ẹ̀wà sí àwo mẹ́rin.*

Ibẹ̀ ni mo dé. Ẹ má fi bò fún mi.

Bàbá Fẹ́mi

Kálámù, o káre. Ìtàn náà wọ̀ mí lára, pàápàá ibi tí ìyá àgbà ti ń bẹ ọmọláńgidi. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tí ìbejì bá ti lọ, ọmọ tó tẹ̀ lé wọn kì í ṣe Ìdòwú mọ́. Àbíkú ni wọ́n á kà á sí. Orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́ ni wọ́n á sọ ọ́, kó lè jókòó. Ìdòwú ni ọmọ tó bá ìbejì láyé. Ohun kejì, ọkùnrin ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ Ìdòwú. Tó bá jẹ́ obìnrin, wò ó bóyá Àlàbá ló yẹ kó jẹ́.

Màmá Tòmíwá

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan ni mo rí ohun tí mo rí yìí ni? Ta ni obìnrin tó ń bá ọmọ ọdún 13 sọ̀rọ̀ yẹn? Ibo ló ti mọ̀ ọ́n? Hiúsítìnì níbí ni mo ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 12, mo sì ti rí ohun tójú mi rí. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ iléèwé kan ń kọ̀wé sí i lóru, àgbàlagbà ni. Kálámù, jọ̀ọ́, gba fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Dí obìnrin náà mọ́ ọn. Kí ìyá rẹ̀ sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀.

Kálámù

Ẹ ṣé mà. Ìtàn ni mo kọ o, kò sí ọmọ tí mo lè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí n rí nǹkan. Mo kọ ọ́ bíi pé ìkọ̀kọ̀ ni obìnrin náà ti kọ̀wé sí i, bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi abẹ́ àwòrán ló kọ ọ́ sí, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò. N óò tún un ṣe.

Màmá Tòmíwá

Tó bá jẹ́ ní gbangba ni, ó sàn. Kọ ọ́ kó hàn gbangba, nítorí bó ṣe wà yìí, àyà gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó bá kà á ló máa já, wọn ò sì ní gbọ́ ìyókù ìtàn mọ́. Èmi ò gbọ́ ọ títí mo fi kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Agbẹ̀bí

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bàbá Fẹ́mi, ẹ kú àlàyé sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un gbé kalẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí ní Ìbàràpá kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti gbọ́wọ́ sí ìbejì ju iye tí mo lè kà lọ.

Ìdòwú kì í dúró de ẹ̀mí ìbejì kó tó jẹ́ Ìdòwú. Bí ọmọ ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú ikùn ìyá ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Táyé àti Kẹ́hìndé ti gba ọ̀nà yẹn wá, ẹni tó bá gba ibẹ̀ lẹ́yìn wọn, Ìdòwú ni, ì báà jẹ́ pé wọ́n wà nílé, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti padà. Ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá tún tẹ̀ lé Ìdòwú ni Àlàbá, Ìdògbé sì tẹ̀ lé e. Torí náà ọmọ yìí kò lè jẹ́ Àlàbá láìsí pé ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀ jẹ́ Ìdòwú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti bọ́ sí i ni pé bí ìyá bá ń bí tí ọmọ ń lọ lemọ́lemọ́, wọ́n lè fi orúkọ àbíkú kún un. Mo mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Ìdòwú Dúrójayé. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Ohun kan wà tí Kálámù kò fi sínú ìtàn yìí, ó sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa a máa sọ pé obìnrin tó bí ìbejì, kó tètè bí Ìdòwú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Ìdòwú tí kò rí ọ̀nà wá á gun un lórí, á sì dà á lọ́kàn rú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Ìdòwú ní Èṣù ẹ̀yìn ìbejì. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, tí ìbejì ọmọ rẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ni yóò máa wo ọmọ rẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò tún lóyún. Nígbà tí Oyíndàmọ́lá dé, ọkàn ìyá àgbà balẹ̀ lórí ọmọ tirẹ̀. Ìyá àgbà kò lè má pe orúkọ yẹn. Ìyá ọmọ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí pé kò sí bí èèyàn ṣe lè pe Ìdòwú tí kò ní ka Táyé àti Kẹ́hìndé mọ́ ọn. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ìyá lè fi í pa mọ́. Mo ti rí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà rò pé òun yan orúkọ. Nínú gbogbo orúkọ tó wà nílẹ̀ Yorùbá, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í yàn ló lọ mú.

Ọmọ Ìbàràpá

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ò ní wàhálà pẹ̀lú ìyá. Pẹ̀lú ìlú ni. Kálámù, Ìgbó-Ọrà! Nínú gbogbo ìlú tó wà láyé! Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú wa ń kí àlejò káàbọ̀ sí olú ìlú ìbejì. Dókítà kan tó ń jẹ́ Nylander ṣe ìwádìí ní apá ọ̀dọ̀ wa, ó rí i pé nínú 1,000 ìbí, bíi 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì. Láti ọdún 2018 ni a ti ń ṣọdún ìbejì níta gbangba. Ní kíláàsì mi ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Táyé mẹ́ta ló wà, olùkọ́ ń fi orúkọ bàbá wọn ya wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tó gbé ibẹ̀ títí di ọdún 10, kó má mọ ohun tí Ìdòwú jẹ́? Á mọ̀ ọ́n kó tó mọ bó ṣe ń fọ eyín. Kódà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti bi í léèrè ìbejì rẹ̀ kó tó pé ọdún 5.

Ohun tí mo máa ṣe rèé bó bá jẹ́ tèmi. Jẹ́ kí ìyá àgbà jẹ́ ọmọ Ìgbó-Ọrà tó ti ń tajà ní Kàdúná láti ìgbà èwe. Ọmọ dàgbà sí àdúgbò tí Háúsá ti pọ̀, Yorùbá inú ilé nìkan ló gbọ́, lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Níbẹ̀, orúkọ lè di ohùn lásán létí rẹ̀. Mo bi ọ́ o: ṣé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni?

Kálámù

Ìtàn ni, ẹ̀gbọ́n. Kàdúná bá a mu dáadáa. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi ronú kàn án.

Bàbá Fẹ́mi

Ìyá Agbẹ̀bí, mo gba ti Ìdòwú, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ọmọ Ìbàràpá, mi ò gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbọ́ Àjàyí lójoojúmọ́ tí kò mọ̀ pé ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni. Gbígbọ́ orúkọ yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìbàràpá

Àjàyí, mo gbà fún yín. Ìdòwú ní Ìgbó-Ọrà, rárá sà.

Ṣẹ́gun Onímọ̀ Ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí `idowu_eyin`, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà bá bí nǹkan ṣe rí mu. Ọ̀pọ̀ ojú òpó kì í gbà ju lẹ́tà a títí dé z, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró àti fàlà ìsàlẹ̀ lọ nínú orúkọ tí wọ́n fi ń wá èèyàn. Nítorí náà gbogbo àmì tí a fi ń mọ orúkọ Yorùbá yàtọ̀ síra ló já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo eyin lásán: eyín tó wà lẹ́nu, ẹyin adìyẹ, ẹ̀yin tí a fi ń bọ̀wọ̀, ẹ̀yìn tó túmọ̀ sí pé a tẹ̀ lé. Obìnrin inú ìtàn kò lè mọ èwo ni láìbèèrè. Ká ní àpótí yẹn gba àmì ni, kò ní bèèrè, ọ̀rọ̀ náà ì bá má sì jáde.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí o tún ṣe. Lójú ọ̀pọ̀ òpó, orúkọ méjì ló wà: èyí tí wọ́n fi ń wá ọ, tí kò gba àmì, àti èyí tó hàn síta lókè àwòrán rẹ, tó gba ohunkóhun. Ọmọ tó gbọ́n lè kọ Ìdòwú síbẹ̀ dáadáa. O ní láti sọ ìdí tí kò fi kọ ọ́. Bóyá fóònù rẹ̀ kò ní àtẹ Yorùbá, àmì tó sì kọ́kọ́ tẹ̀, ṣe ló wá a kiri.

Ìyọnu tún wà fún ẹni tó bá kọ ọ́. Ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ṣe la ń so ó pọ̀, ọ̀nà tí a sì lè gbà so ó ju ẹyọ kan lọ:

```
U+1EB9 U+0300
U+00E8 U+0323
```

Lójú wa, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú ẹ̀rọ tí kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó wá nǹkan, èèyàn méjì ni. Mo ti wá orúkọ ìyá mi lórí ìwé àkọsílẹ̀ kan títí, mi ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀, mo ń wò ó.

Ìdòwú Lẹ́wíṣàmù

Mo ní láti dá sí èyí nítorí orúkọ mi. Ìdòwú ni orúkọ ìdílé wa. Bàbá bàbá mi ló tẹ̀ lé ìbejì, kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé iléèwé, gbogbo wa ń jẹ́ Ìdòwú, ọkọ mi pàápàá ń fi ṣe mí lẹ́fẹ̀ẹ́. Èmi fúnra mi ni àkọ́bí. Ní Pẹ́kámù, mo lè máa ra ata lọ́wọ́ ìyá kan, tó bá gbọ́ orúkọ mi, ó ti di "Àwọn ìbejì ń kọ́?" Ìgbà kan wà tí ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fún mi ní ẹ̀wà sínú abọ́ pé kí n gbé e lọ fún wọn. Mi ò lè sọ fún un pé kò sí ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lọ sílé.

Kálámù, ohun tí mo ń sọ ni pé obìnrin inú ìtàn rẹ tètè gbà á gbọ́ jù. Ẹni tó bá rí Ìdòwú lásán lórí ayélujára lóde òní, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ bàbá. Bi ara rẹ pé kí ló fi mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kálámù

Àǹtí, mo rò pé "ẹ̀yìn wọn" ló fi mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi "wọn" sínú orúkọ bàbá. Àti àwòrán náà.

Ìdòwú Lẹ́wíṣàmù

Àwòrán náà ni. O tọ̀nà. Mo ti gbàgbé pé àwòrán wà níwájú rẹ̀. Jẹ́ kó wo àwòrán kó tó bèèrè, kó rí aṣọ kan náà lára àwọn méjèèjì. Nígbà yẹn, mo gbà á gbọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí

Ẹ jẹ́ kí n padà sí orí pẹpẹ yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí jìn sí jù lọ, bóyá Kálámù mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Láyé àtijọ́, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á gbẹ́ ère. Bí méjèèjì bá lọ, ère méjì. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á wọ̀ ọ́ láṣọ, á fún un lóúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń se ẹ̀wà. Ère mìíràn wà tí ojú rẹ̀ ti pa rẹ́ pátápátá nítorí ọwọ́ ìyá tó ń wẹ̀ ẹ́ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó yá, agbẹ́gilére dín kù, ìsìn náà yí padà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọmọláńgidi onírọ́bà láti ọjà. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, fọ́tò làwọn kan ń lò. Bí ọ̀kan bá kù, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, ayàwòrán á tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ìwé kan kó lè dà bíi pé méjèèjì jókòó pọ̀. Nítorí náà onírọ́bà tí o kọ yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Mo ti rí i nínú yàrá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni ẹni tó ń tọ́jú wọn. Ìyá ọmọ ló yẹ kó máa bu ẹ̀wà yẹn. Ìyá àgbà ló ń bù ú. Ìyẹn fi hàn pé ìyá ọmọ kọ̀, bóyá nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá nítorí pé kò lè wò wọ́n. Ìyá àgbà gba iṣẹ́ náà ṣe fún un láìsọ. Nítorí náà, ìjà kan ti wà láàárín ìyá àti ọmọ rẹ̀ kí Oyíndàmọ́lá tó lè sọ̀rọ̀, orúkọ ìkọ̀kọ̀ yẹn sì wà láàárín wọn. Àwo mẹ́rin tó bù níparí, àkọ́kọ́ ni nínú ayé rẹ̀.

Gbólóhùn kan péré ni n óò bá ọ jà sí. Ìyá yẹn kò ní sọ pé "Wọ́n kú." Ní tiwa, a kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. A óò ní wọ́n lọ, tàbí wọ́n padà. Kò sì ní sọ ọ́ níṣojú Ìdòwú wọn, bó ti wù kó pẹ́ tó ní Mánṣẹ́sítà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí èmi náà gbé ọmọ méjì sin.

Bàbá Fẹ́mi

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an.

Mi ò fẹ́ ká dá ìyá náà lẹ́bi o. Ẹni tó bá ti fi Kírísítì ṣe tirẹ̀, tó gbà pé ọmọ òun wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí ló máa fi ẹ̀wà bọ onírọ́bà fún? Ọ̀fọ̀ tirẹ̀ ni, bó ṣe fẹ́ ṣe é ni kó ṣe é. Ìyá àgbà ló rú òfin tí ọmọ rẹ̀ fi lélẹ̀, ó sì kó ìkọ̀kọ̀ lé ọmọ kékeré lórí.

Ìyá Agbẹ̀bí

Mi ò dá a lẹ́bi, bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá ìyá àgbà náà lẹ́bi.

Màmá Tòmíwá

Nínú àwọn méjèèjì, ta ló bi ọmọ léèrè ohun tí òun fẹ́? Ọmọ mi náà ní orúkọ kan lórí eré tó ń ṣe lórí ẹ̀rọ, mi ò tíì bi í rí pé kí ló dé tó fi ń jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ìwọlé nìkan ni mo gbà.

Kálámù

Mo ti tún un kọ. Ìyá àgbà ti kó lọ sí Kàdúná. Abẹ́ àwòrán ni obìnrin náà kọ̀wé sí, lójú gbogbo ayé, ó sì kọ́kọ́ bèèrè nípa aṣọ tí àwọn ọmọláńgidi wọ̀ kó tó bèèrè eyin. Ìparí rẹ̀ rèé báyìí:

*Ìyá rẹ̀ fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú. Ó wo ti apá òsì, ó wo ti apá ọ̀tún.*

*"Ó ṣì ń wọ̀ wọ́n láṣọ," ó wí.*

*"Bẹ́ẹ̀ ni mà."*

*"Mo ní kó kó wọn dànù. Mo fún un lówó pé kó kó wọn dànù." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú fóònù, bíi pé eruku wà níbẹ̀. "Ti apá òsì yìí ni Táyé. Kì í sunkún. Èkejì ló ń sunkún fún àwọn méjèèjì. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n padà."*

*Ó dìde pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó àwo mẹ́rin sílẹ̀. Nígbà tó bu ti àwọn tó kéré tán, ó dúró, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.*

*"Ìdòwú," ó wí. Ọmọ kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ló ń pè.*

Ìdòwú Lẹ́wíṣàmù

Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mo ti lọ sí ìta.

Ọmọ Ìbàràpá

Owó tó fún un pé kó kó wọn dànù yẹn dára ju gbogbo ohun tí mo rò lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn mi. Ìyá àgbà ti dàgbà. Lọ́jọ́ tó bá lọ, ta ló máa gba àwọn ọmọláńgidi náà? Ṣé wọ́n á kó wọn wá sí Mánṣẹ́sítà ni, àbí wọ́n á sin wọ́n pẹ̀lú rẹ̀? Ìyá Agbẹ̀bí, báwo ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é?

Ìyá Agbẹ̀bí

Ilé kan yàtọ̀ sí ilé kejì. Mo ti rí ibi tí ọmọ obìnrin ti jogún wọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tà wọ́n fún òyìnbó. Ní tèmi, wọ́n wà nínú àpótí aṣọ mi, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kálámù, kí ni ti inú ìtàn tìrẹ?

Kálámù

Mi ò mọ̀, mà. Oṣù kẹjọ tó kọjá ni ìyá àgbà lọ, àwọn ìbátan wa ló kó yàrá rẹ̀. N óò pe ìyá mi lálẹ́ òní, tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé.